Ta Ló Gbọ́ Ọ Lẹ́nu Ta? Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Wọn Hádíìsì Wò

Ó ṣòro kí àwọn ọmọ ilé kéwú ṣe wòlímà kí oníwáàsí má dárúkọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì yìí. Ọ̀kan ni pé wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn lọ́rùn gbogbo Mùsùlùmí. Èkejì ni pé kí a wá ìmọ̀ lọ, ì báà jẹ́ Ṣáínà ló wà. Wọ́n ń kọ wọ́n sára ògiri ilé ìwé, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sórí kàlẹ́ńdà, wọ́n sì máa ń sọ nípa méjèèjì pé Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ló sọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Àmọ́ bí a bá gbé wọn dé iwájú àwọn onímọ̀ hádíìsì, ọ̀kan á wọlé lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, wọ́n á sì dá èkejì padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tó bá rò pé bí ọ̀rọ̀ ṣe dùn tó, tàbí bó ṣe bọ́gbọ́n mu tó, ni wọ́n fi ń wọn hádíìsì, kò ní rí ìdí tí wọ́n fi ya ìbejì yìí nípa. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà wá: ta ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ló ti gbọ́ ọ, ṣé ọ̀rọ̀ lè dúró lọ́wọ́ onítọ̀hún láì dà nù? Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà márùn-ún wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀nà náà sì gba ìdájọ́ tirẹ̀.

Apá méjì ni hádíìsì kọ̀ọ̀kan ní. Mátìnì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà wá fúnra rẹ̀. Ìsínáàdì, tó máa ń ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé, ni orúkọ àwọn olùgbàwá: ẹni tó kọ ìwé gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá, lágbájá gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dù, títí tó fi dé ọ̀dọ̀ sàábé tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Àwa tí a ń ka hádíìsì ní Yorùbá kì í sábà rí ìsínáàdì, torí pé àwọn atúmọ̀ máa ń gé e kúrò. Muhammadu ọmọ Sírínì, àgbà onímọ̀ ìlú Básírà tó kú ní ọdún 110 Hijira (729), ṣàlàyé pé níbẹ̀rẹ̀ kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀. Ìgbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pín sí ìjọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ẹni tó bá mú hádíìsì wá pé kó dárúkọ àwọn tó ti gbọ́ ọ. Ìmáámù Mùsílímù tọ́jú àlàyé yìí sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀. Ẹ fi orúkọ Ibnu Sírínì yìí sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ìbejì wa, ó dára kí a kọ́kọ́ rí ìsínáàdì tí kò ní àléébù, kí ojú wa lè mọ ohun tó yẹ kó máa wá. Hádíìsì àkọ́kọ́ nínú ìwé Ìmáámù Búhárì ni èyí tó ní àníyàn ni iṣẹ́ dúró lé. Búhárì gbọ́ ọ lẹ́nu Húmáédì ará Mẹ́kà. Húmáédì gbọ́ ọ lẹ́nu Sufiyánù ọmọ Uyáénà. Sufiyánù gbọ́ ọ lẹ́nu Yáháyà ọmọ Sáídì, ará Mẹ̀dínà. Yáháyà gbọ́ ọ lẹ́nu Muhammadu ọmọ Ìbúráímù, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu Álíkámà ọmọ Wákáàsì, Álíkámà sì gbọ́ ọ lẹ́nu Ùmáru ọmọ Hàtọ́ọ̀bù lórí mímbárì, Ùmáru tó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Ènìyàn mẹ́fà ló wà láàárín Búhárì àti Ànábì.

Ohun àkọ́kọ́ tí onímọ̀ ń yẹ̀ wò ni bóyá àwọn mẹ́fà yìí bá ara wọn pàdé lóòótọ́. Ọdún ìbí àti ọdún ikú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún 143 Hijira tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀ ni Yáháyà ọmọ Sáídì kú, ọdún 107 sì ni wọ́n bí Sufiyánù. Nítorí náà Sufiyánù ti tó ẹni ọdún márùndínlógójì kí Yáháyà tó kú. Sufiyánù kú ní 198, Húmáédì kú ní 219. Búhárì, tí wọ́n bí ní 194 (810), bá ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà fún Hájì nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì dúró síbẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n padà sílé. Húmáédì ṣì wà láàyè nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún, wọ́n á wo irú ọ̀rọ̀ tí olùgbàwá kọ̀ọ̀kan lò. Nínú ìsínáàdì yìí, gbogbo wọn ló sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ṣáájú sọ ọ́ fún àwọn tàbí pé àwọn gbọ́ ọ. Bí olùgbàwá kan bá kàn sọ pé "láti ọ̀dọ̀ lágbájá", tó sì jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó máa ń fo orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ fún un gan-an, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà nínú hádíìsì yìí tó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Láti orí Ùmáru títí dé orí Yáháyà, ẹnì kọ̀ọ̀kan péré ló gbà á wá lọ́nà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀yìn Yáháyà ló tó wá pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Síbẹ̀ sọ̀híìhì ni, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ nínú ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣeé gbọ́kàn lé tó, bó bá ṣáà jẹ́ ẹni tí wọ́n ti dán wò.

Ohun méjì ni wọ́n ń dán wò lára olùgbàwá. Èkíní ni ìwà rẹ̀: ṣé Mùsùlùmí olóòótọ́ ni, tí kì í purọ́, tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní gbangba? Èkejì ni bó ṣe lè di ọ̀rọ̀ mú tó, yálà nínú orí tàbí nínú ìwé. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Olùfọkànsìn tó ń fi òru kírun lè jẹ́ ẹni tí kò lè sọ ìtàn àná láì yí i padà. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àmọ́ kò lè jẹ́ olùgbàwá tó múná dóko.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ bí orí ènìyàn ti pé tó, nígbà tí ẹni náà ti kú ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn? Wọ́n ń kó ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà wá, wọ́n á sì gbé e ka ara wọn. Yáháyà ọmọ Máínì, ará Bàgídáàdì tó kú ní ọdún 233 (848), ló hàn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìtàn rẹ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ó fẹ́ gbọ́ ìwé Hámáàdì ọmọ Sálámà, ẹni tó ti kú ní 167. Ó lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ Hámáàdì kan, Áfáánì, ẹni náà sì bi í pé ṣé kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni. Ó ní òun ti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Áfáánì búra pé òun ò ní kà á fún un. Ọmọ Máínì gbéra, ó di Básírà, ó bá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń jẹ́ Músá, ó sì sọ fún un pé òun ni yóò ṣe ìkejìdínlógún. Músá bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó dáhùn pé Hámáàdì máa ń ṣàṣìṣe, òun sì fẹ́ mọ àṣìṣe tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣe àṣìṣe kan náà, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Hámáàdì ló ti wá. Bí wọ́n bá fẹnu kò tí ẹnì kan yà kúrò, a jẹ́ pé ẹni tó yà ló ni àṣìṣe.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni wọ́n fi ń rí àléébù tó fara pamọ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí hádíìsì àníyàn. Ọkùnrin kan, Abúdúmájíìdì ọmọ Abú Ráwáàdì, gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ìmáámù Málíkì, Málíkì láti ọ̀dọ̀ Sáídù ọmọ Ásílámù, títí dé orí Abú Sáídì Húdírì, sàábé mìíràn. Ẹni tó bá rí ìsínáàdì yìí nìkan á rò pé Ọlọ́hun ti fi kún un fún wa, ọ̀nà kejì ti dé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Málíkì yòókù kọ sílẹ̀, Málíkì tí wọ́n mọ̀ ń gba hádíìsì yìí láti ọ̀dọ̀ Yáháyà ọmọ Sáídì, lójú ọ̀nà Ùmáru kan náà. Abúdúmájíìdì ló ṣì í. Kò purọ́, orúkọ inú ìsínáàdì rẹ̀ kò burú, síbẹ̀ ọ̀nà náà kò sí rárá. Ìdí nìyí tí Ibnu Sọlááhì, ẹni tó kú ní Dàmásíkù ní ọdún 643 (1245), tí ìwé rẹ̀ di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, fi gbé nǹkan márùn-ún kalẹ̀ kí hádíìsì tó di sọ̀híìhì: kí ìsínáàdì so pọ̀ láìjá, kí àwọn olùgbàwá jẹ́ olóòótọ́, kí wọ́n lè di ọ̀rọ̀ mú, kí ọ̀rọ̀ má tako ohun tí àwọn tó lágbára jù wọ́n lọ gbà wá, kó má sì ní àléébù tó fara sin. Ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé wò lè yẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ wò. Méjì tó gbẹ̀yìn ń béèrè pé kí ènìyàn ti rí gbogbo ọ̀nà yòókù.

Hásánì ló tẹ̀ lé sọ̀híìhì. Ìmáámù Tírímísì, tó kú ní ọdún 279 (892), ló sọ orúkọ yìí di ohun tó gbilẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Gbogbo ohun tí sọ̀híìhì ní ló ní, àyàfi pé ọ̀kan nínú àwọn olùgbàwá rẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ tí ìdìmú rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Àpẹẹrẹ tí Ibnu Sọlááhì lò dára gan-an, ìdílé tí a ti mọ̀ ló sì ti wá. Álíkámà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àníyàn lẹ́nu Ùmáru ní ọmọ ọmọ kan tó ń jẹ́ Muhammadu ọmọ Ámúrù. Muhammadu yìí gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abú Sálámà, láti ọ̀dọ̀ Abú Hùráírà, pé Ànábì ní bí kì í bá ṣe pé òun á ni àwọn ìjọ òun lára ni, òun ì bá pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n máa fi pákò rin eyín nígbà ìrun kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń ja Muhammadu níyàn lórí òótọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni kò dá gbogbo wọn lójú; àwọn kan fọkàn tán an, àwọn kan ní kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Nítorí náà hásánì ni hádíìsì yìí bí a bá wo ọ̀nà tirẹ̀ nìkan.

Àmọ́ Áráájì, akẹ́kọ̀ọ́ Abú Hùráírà mìíràn, gbà á wá pẹ̀lú, ọ̀nà tirẹ̀ sì wà nínú ìwé Búhárì àti ti Mùsílímù. Ohun tí à ń bẹ̀rù lára Muhammadu ni pé kó máà jẹ́ pé ó ti ṣì í. Nígbà tí ẹlòmíràn sì gbà á wá bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀rù náà tán. Hádíìsì tó jẹ́ hásánì lójú ọ̀nà Muhammadu gòkè, ó di sọ̀híìhì nípa ìrànlọ́wọ́ ọ̀nà mìíràn. Bàbá bàbá wà nínú ìsínáàdì sọ̀híìhì, ọmọ ọmọ wà nínú ti hásánì: wọn kì í jogún ipele.

A ti wá múra tán fún ìbejì wa. Ibnu Májà, tó kú ní ọdún 273 (887), ló kọ ọ̀rọ̀ ọ̀ranyàn ìmọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu Íṣáámù ọmọ Ámáàrì, ará Dàmásíkù; Íṣáámù láti ọ̀dọ̀ Háfúsù ọmọ Súláémánù; Háfúsù láti ọ̀dọ̀ Kátíìrì ọmọ Ṣíníṣíìrì; Kátíìrì láti ọ̀dọ̀ Ibnu Sírínì tí a ti pàdé; Ibnu Sírínì láti ọ̀dọ̀ Ánásì ọmọ Málíkì, ìránṣẹ́ Ànábì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó ti ìsínáàdì yìí, ìwé tó máa ń kọ́kọ́ ṣí ni Tàkíríbù, tí Ibnu Hájárì ará Kàírò, tó kú ní 852 (1449), kọ. Ibnu Hájárì pín àwọn olùgbàwá sí ipele méjìlá nínú ìwé náà, ó sì fi gbólóhùn kúkúrú kan ṣe ìdájọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Sàábé ni Ánásì, wọn kì í yẹ sàábé wò. Ibnu Sírínì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dájú jù lọ, Ánásì ló sì dá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú, nítorí náà ìpàdé wọn kò ní àríyànjiyàn. Kátíìrì jẹ́ olóòótọ́ tó máa ń ṣàṣìṣe. Íṣáámù jẹ́ olóòótọ́, àmọ́ nígbà tó dàgbà, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, á gbà á. Títí dé ibi yìí, a lè máa retí nǹkan. Ó wá ku Háfúsù.

Háfúsù yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń ké Àlùkùráánì. Òun náà ni Háfúsù tó gba ìkéwú lọ́wọ́ Áásímù ní Kúfà, ọkọ ìyá rẹ̀, òun náà ni ìkéwú rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ Àlùkùráánì tí wọ́n ń tẹ̀ kárí ayé lónìí. Ó kú ní ọdún 180 Hijira (796). Ìdájọ́ Ibnu Hájárì lé e lórí nínú Tàkíríbù ni pé aṣáájú ni nínú ìkéwú, ṣùgbọ́n wọ́n pa á tì nínú hádíìsì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí èyí, inú rẹ̀ kì í dùn. Ó máa ń rò pé bí wọ́n bá lè kọ hádíìsì rẹ̀, a jẹ́ pé ìkéwú rẹ̀ náà kò dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Háfúsù fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ìkéwú, ó ké e síwájú olùkọ́ lákétúnké. Hádíìsì ni kò tọ́jú, ó máa ń dà á pọ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Èmi gbà pé kò sí ibi tí òótọ́ inú àwọn onímọ̀ yìí ti hàn tó ibi tí wọ́n ti ń lo ìkéwú ọkùnrin náà nínú ìrun wọn, tí wọ́n sì tún ń kọ hádíìsì rẹ̀.

Ìsínáàdì kì í lágbára ju ẹni tó lẹ jù nínú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀nà tí Ibnu Májà gbà yìí jẹ́ dọ̀íìfù, kódà dọ̀íìfù tó le. Ẹni tó bá sọ pé "Ibnu Májà gbà á wá" tó sì rò pé òun ti parí ẹjọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ló sọ, kò tíì sọ bó ti ṣe lágbára sí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán síbẹ̀, torí pé ó gba ọ̀nà mìíràn wá. Yàtọ̀ sí Ibnu Sírínì, àwọn mìíràn gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ánásì, a sì rí i lójú ọ̀nà Ibnu Másúdù, Ibnu Ùmáru, Ibnu Ábáàsì àti Abú Sáídì. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀ tó dá dúró láìní àléébù. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àwọn ọ̀nà tó lẹ lè gbé ara wọn dìde. Ìdáhùn wọn ni pé irú àìlera náà ló máa sọ. Bí àgbà méjì tí ojú wọn ti ṣe bàìbàì bá dúró sí ìkóríta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn ò rí ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì ní ọkọ̀ pupa ló kọjá, ọkàn ẹni á balẹ̀ díẹ̀ pé ọkọ̀ pupa ló kọjá. Àmọ́ bí ògbójú òpùrọ́ mẹ́wàá bá sọ ọ́, kò fi nǹkan kan kún un, torí pé ẹnì kan lè ti jí i mọ́ ẹnì kejì lẹ́nu. Àìlera orí ṣeé ràn lọ́wọ́. Irọ́ kò ṣeé ràn lọ́wọ́. Ọ̀nà Háfúsù fúnra rẹ̀ kò sí lára àwọn tó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀nà tí àìlera wọn fúyẹ́ ni wọ́n ń kà.

Ibí yìí ni àwọn àgbà ti pínyà. Áhímáàdì ọmọ Hánbálì, tó kú ní 241 (855), sọ pé kò sí ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí rẹ̀. Náwáwì, tó kú ní 676 (1277), ní hádíìsì náà lẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ tọ́. Mísì, ará Dàmásíkù tó kú ní 742 (1341), wo àwọn ọ̀nà náà ó sì ní wọ́n gbé e dé ipele hásánì. Suyútì, tó kú ní 911 (1505), ní òun ti kó nǹkan bí àádọ́ta ọ̀nà jọ, ó sì pè é ní sọ̀híìhì nípa ìrànlọ́wọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó sọ pé Háfúsù dára nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni iye ọ̀nà tí olúkúlùkù rí, àti ibi tó fa ìlà sí láàárín àìlera tó fúyẹ́ àti èyí tó le.

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà ńkọ́? Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù gba ọ̀dọ̀ Abú Átíkà, ẹni tó ní òun gbọ́ ọ lẹ́nu Ánásì. Búhárì sọ nípa Abú Átíkà pé hádíìsì rẹ̀ kò ṣeé tẹ́wọ́ gbà, gbólóhùn tó wúwo lẹ́nu Búhárì, torí pé kì í sọ ọ́ sí ẹni tó kàn ṣàṣìṣe díẹ̀. Lójú ọ̀nà yìí gan-an, ìbejì méjèèjì so pọ̀: kí a wá ìmọ̀ dé Ṣáínà, torí pé wíwá ìmọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn. Apá kejì ní ìrànlọ́wọ́ níbòmíràn. Apá ti Ṣáínà kò ní. Ọ̀nà méjì mìíràn wà fún un lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ Yákúbù ará Ásíkálánì, ẹni tí Sáhábì pè ní òpùrọ́, èkejì sì gba ọ̀dọ̀ Juwáébárì, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn fún pípa irọ́ mọ́ Ànábì. Ọ̀nà mẹ́ta ni, ó sì dà bíi pé kò sí ọ̀kan. Baéhákì, tó kú ní 458 (1066), sọ pé ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀ ṣùgbọ́n ìsínáàdì rẹ̀ lẹ. Ibnu Jáwùsì, tó kú ní 597 (1201), le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó kọ ọ́ sínú ìwé tó kó àwọn irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Ànábì jọ.

Ìdájọ́ máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ kan náà débi gbólóhùn. Nínú ìwé Ibnu Májà, ọ̀rọ̀ ọ̀ranyàn ìmọ̀ ní ìrù kan: pé ẹni tó gbé ìmọ̀ fún ẹni tí kò tọ́ sí dà bí ẹni tó so òkúta iyebíye àti wúrà mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ọ̀nà tó gbé orí hádíìsì náà dìde kò gbé ìrù yìí dání. Nítorí náà, kódà ẹni tó bá gba orí rẹ̀ ní hásánì á fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ nínú dọ̀íìfù tó le, lọ́wọ́ Háfúsù. Bákan náà ni ti gbólóhùn tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀, pé "lọ́kùnrin àti lóbìnrin". Sàháwì, akẹ́kọ̀ọ́ Ibnu Hájárì tó kú ní 902 (1497), sọ pé àwọn òǹkọ̀wé kan ló fi mẹ́nu kan obìnrin níparí rẹ̀, kò sì sí nínú ọ̀nà kankan. Ìtumọ̀ rẹ̀ tọ́, torí pé obìnrin wà lára Mùsùlùmí tí hádíìsì ń bá wí. Àmọ́ kò sí olùgbàwá kan, yálà alágbára tàbí aláìlera, tó ní òun gbọ́ gbólóhùn náà.

Ẹni tó bá ń ka ìdájọ́ nísàlẹ̀ ojú ewé máa rí ìyàtọ̀ kan tó rọrùn láti fojú fò. Bí onímọ̀ bá kọ pé ìsínáàdì hádíìsì kan jẹ́ sọ̀híìhì, kò tíì sọ pé hádíìsì náà jẹ́ sọ̀híìhì. Nǹkan mẹ́ta àkọ́kọ́ ló jẹ́rìí sí. Ó ṣeé ṣe kó máà tíì wo méjì tó kù. Ìsínáàdì Abúdúmájíìdì lè dà bí ohun tó dára lójú ẹni tí kò tíì rí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Málíkì yòókù. Ó sì yẹ kí a wo ẹni tó ṣe ìdájọ́, torí pé Náwáwì àti Mísì kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan náà.

Lórí mímbárì, bí ẹni ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ni ìlànà yìí ń sọ. Náwáwì kọ́ni pé a kì í fi ìdánilójú sọ nípa dọ̀íìfù pé Ànábì sọ báyìí. "Wọ́n gbà á wá pé" ni a máa sọ, kí etí olùgbọ́ lè mọ̀ pé ọ̀nà kò dán mọ́rán. Oníwáàsí tó bá wà lẹ́yìn Mísì lè sọ ti ọ̀ranyàn ìmọ̀ pé Ànábì ló sọ ọ́. Èyí tó bá wà lẹ́yìn Náwáwì á sọ pé wọ́n gbà á wá. Ti Ṣáínà kò wọ inú èyíkéyìí nínú méjèèjì lójú àwọn tó kà á sí irọ́. Bó bá wù ú, ó lè sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, láì dárúkọ Ànábì sí i.